Ìwé Méjì fún Àga Kan: Nígbà Tí Alábòójútó Ìrajà Bá Ń Lọ ní Ouando

Ẹni tó ń bójú tó ìrajà fún ilé iṣẹ́ lè kọ oríṣi ìwé méjì sílẹ̀ fún ẹni tó máa jókòó sórí àga rẹ̀. Ọ̀kan ń ka ohun tó wà: fáìlì mélòó, òǹtẹ̀ mélòó, kọ́kọ́rọ́ mélòó, àdéhùn mélòó. Èkejì ń sọ ohun tó kù: ta ló jẹ wá ní ọjà, ta la jẹ lówó, ọjọ́ wo ni ẹ̀tọ́ wa máa bọ́ lọ́wọ́ wa bí a kò bá lanu sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n pe àkọ́kọ́ ní ìwé ẹrù, kí n sì pe èkejì ní ìwé ọjọ́. Mo ní èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú méjèèjì, ẹ ó sì rí i bí a bá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n èyí tí n kò fẹ́ràn tó yẹn náà ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ìwé ẹrù ló bá àṣà ilé iṣẹ́ ìjọba Benin mu, torí àṣà náà ti ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wá. Ìfàṣẹ́léni-lọ́wọ́ níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ayẹyẹ: ẹni tó ń lọ jókòó, ẹni tó ń bọ̀ jókòó, ọ̀gá kan wà láàárín wọn bí ẹlẹ́rìí, gbogbo wọn á sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí kan náà. Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn dì í mú. Òfin 2020-26, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 29 Oṣù Kẹsán-án 2020, ló ń ṣàkóso ìrajà ìjọba ní Benin, ó sì fi ẹnì kan pàtó sídìí ọ̀rọ̀ náà ní ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ẹni náà ló wà lórí ìwé, òun ni wọ́n máa pè bí nǹkan bá wọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ jáde láìní ìwé tó sọ pé, "Mo kó o fún un, ó sì gbà á."

Ní òdìkejì ààlà, ní Nàìjíríà, ìwé tí òṣìṣẹ́ tó ń lọ máa ń kọ dà bíi lẹ́tà gígùn. Ó ń ròyìn. Ó ń sọ ibi tí iṣẹ́ dé, àti ibi tó ti há. Ìdí nìyí tí mo fi mú Ouando fún ọ̀rọ̀ yìí: ọjà ńlá apá àríwá Àjàṣẹ́ ni, ọ̀nà Ìgolò àti Ìdìrọ́kọ̀ kò sì jìnnà sí i. Ẹni tó ń ra ọjà fún ilé iṣẹ́ níbẹ̀ lè gba ìwé owó tí wọ́n kọ ní Faransé láàárọ̀, kí ẹni tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ fún un sì pè é láti Èkó lọ́sàn-án, kí wọ́n jọ fi Yorùbá dúnàá dúrà. Ọwọ́ irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni àṣà méjèèjì ti máa ń pàdé.

Ouando náà ni Bàbá Godfrey Nzamujo ti dá ibùdó oko Songhai sílẹ̀ ní 1985, ọ̀rọ̀ oko àti ẹ̀kọ́ oko kò sì ṣàjèjì sí àdúgbò náà. Nítorí náà, mo máa fi ilé ẹ̀kọ́ oko kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe Songhai. Inú àròkọ yìí nìkan ló wà, èmi ni mo ṣètò iye owó àti ọjọ́ inú rẹ̀ kí ìṣirò lè yé wa. Alábòójútó ìrajà rẹ̀ ń lọ ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹjọ, arábìnrin kan ló sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Bí ọkùnrin yìí bá kọ ìwé ẹrù, ohun tí arábìnrin náà máa kà nípa àwọn àdéhùn nìyí: àdéhùn àgbàdo oúnjẹ adìyẹ, 60 tọ́ọ̀nù, mílíọ̀nù 12 fàráǹkì, ó ń lọ lọ́wọ́; ẹ̀rọ afami olóòrùn, mílíọ̀nù 4, a ti pàṣẹ rẹ̀, a sì ti san àsansílẹ̀; ilé adìyẹ tuntun, mílíọ̀nù 9, a ti gbà á lọ́wọ́ àwọn kọ́lékọ́lé. Kò sí irọ́ kankan nínú gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kan tó lè sọ fún un ohun tó yẹ kó ṣe ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé.

Ẹ jẹ́ ká mú àgbàdo. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kìíní, 5 tọ́ọ̀nù lóṣù, 200,000 fàráǹkì fún tọ́ọ̀nù kan, iye owó náà kò sì gbọdọ̀ yí padà títí ọdún á fi parí. Títí di òpin Oṣù Kẹjọ, 40 tọ́ọ̀nù ló yẹ kó ti wọlé. 34 ló wọlé. A ti san owó 32, ìwé owó 2 tọ́ọ̀nù tó kù sì wà lórí tábìlì akáǹtì. Ìwé ọjọ́ máa kọ gbogbo èyí, á sì ṣírò rẹ̀: olùpèsè jẹ wá ní 6 tọ́ọ̀nù tí àkókò rẹ̀ ti kọjá, 20 tọ́ọ̀nù míì ṣì ń bọ̀ kí ọdún tó parí, owó tó máa jáde lápò wa kí àdéhùn tó tán sì jẹ́ 5,600,000 fàráǹkì. Ẹni tó ń bọ̀ kò ní láti wá nọ́ńbà yẹn nínú fáìlì mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kí ló dé tí 6 tọ́ọ̀nù fi dín? Bí a bá wo oṣù kọ̀ọ̀kan, Oṣù Kìíní sí Ìkẹrin pé. Oṣù Karùn-ún dín ní 2, Ìkẹfà dín ní 3, Ìkeje dín ní 1, Ìkẹjọ sì pé. Ẹni tó bá mọ àgbàdo gúúsù Benin á ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí àgbàdo àtijọ́ ti tán nílé, tí tuntun kò tíì gbó, ni ọjà máa ń wọ́n jù. Olùpèsè tó gbà láti tà ní 200,000 rí i pé òun lè ta ọjà kan náà ní Ouando fún ẹlòmíràn ní owó tó ju ìyẹn lọ, ló bá fà sẹ́yìn. Nígbà tí àgbàdo tuntun dé ní Oṣù Keje sí Ìkẹjọ, tí owó rẹ̀ já wálẹ̀, ó tún di ẹni ire.

Ibi tí ìwé ọjọ́ ti níye lórí gan-an nìyí, torí ó lè sọ ohun tó ń bọ̀. Ní Oṣù Kẹsán-án, olùpèsè yìí máa fẹ́ kó gbogbo gbèsè rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan, 5 tọ́ọ̀nù oṣù náà àti 6 tó jẹ, torí owó ọjà ti wálẹ̀, èrè rẹ̀ sì pọ̀. Arábìnrin tuntun náà máa rí ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ á dùn pé gbèsè ti wọlé. Àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè ní àkókò òjò ni, ó sì máa ń tutù. Bí omi inú rẹ̀ bá ju nǹkan bíi ìdá 13 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, tí a sì kó o jọ sínú sítọ̀, á gbóná, á hu, olú tó máa hù lára rẹ̀ sì lè mú májèlé tó ń pa adìyẹ wá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó ra àgbàdo tútù ń fi owó àgbàdo ra omi. Nítorí náà, ìlà kan nínú ìwé ọjọ́ gbọ́dọ̀ sọ pé: ẹ má gbà ju ohun tí sítọ̀ lè gbà lọ, ẹ fi ẹ̀rọ wọn omi inú rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ìgbàjà, ẹ mú àpò mẹ́wàá láàárín ẹrù, kì í ṣe ti iwájú nìkan, kí ẹ sì gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Ìwé ẹrù kò ní àyè fún irú gbólóhùn yìí rárá. "Ó ń lọ lọ́wọ́" ni gbogbo ohun tó lè wí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ afami ló léwu jù, òun náà sì ni ìwé ẹrù bò mọ́lẹ̀ jù. Ọjọ́ 2 Oṣù Kẹfà ni wọ́n pàṣẹ rẹ̀. Wọ́n san àsansílẹ̀ 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 1,200,000 fàráǹkì. Ìdá yìí kì í ṣe àṣerégèé: òun náà ni òpin tí òfin ìrajà ìjọba fi sí àsansílẹ̀ lórí ọjà ní Benin, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aládàáni sì máa ń wo ti ìjọba ṣe. Òfin ìrajà Nàìjíríà, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní 2007, fi í sí 15. Ẹni tó bá san 30 ní owó púpọ̀ níta kó tó rí ọjà, ìdí nìyẹn tó fi máa ń gba ìwé onídùúró báńkì: báńkì olùpèsè ṣèlérí pé bí ọjà kò bá dé, òun á dá àsansílẹ̀ padà.

Ìwé onídùúró yìí ní ọjọ́ ikú. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọjọ́ 30 Oṣù Kẹsán-án ni. Ọjọ́ 15 Oṣù Kẹjọ ló yẹ kí ẹ̀rọ dé, kò sì dé. Arábìnrin tuntun ní oṣù kan péré, oṣù àkọ́kọ́ tó ń kọ́ orúkọ àwọn èèyàn ni. Bí ọjọ́ 30 bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò kọ lẹ́tà, ìlérí báńkì di bébà lásán, ó sì ku àwa àti olùpèsè nìkan. Báńkì kò ní pè é láti rán an létí, torí kò sí nínú èrè báńkì láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń ṣe ni pé, nígbà tó bá ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á kọ̀wé sí báńkì náà pé: ẹ bá wa sún ọjọ́ yìí síwájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ san owó wa. Lọ́pọ̀ ìgbà, olùpèsè fúnra rẹ̀ á sáré lọ bá báńkì rẹ̀ kí wọ́n sún un, torí kò fẹ́ kí wọ́n yọ owó lápò òun. Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ bá ohun tí ìwé onídùúró wí mu: ẹ̀ka báńkì wo ni wọ́n ti máa gbà á, ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ sí i, ṣé ìwé gangan ni wọ́n fẹ́ rí tàbí ẹ̀dà rẹ̀. Ìwé ọjọ́ tó bá pé á sọ pé ìwé gangan wà nínú àpótí irin akáǹtì, pé olùdarí nìkan ló lè fọwọ́ sí lẹ́tà, àti pé olùdarí ń rìnrìn àjò ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn oṣù. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn nìkan lè gba mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún là.

Títí dé ibí yìí, ẹ lè rò pé ìwé ọjọ́ ti jáwé olúborí. Ẹ ní sùúrù. Kí ló dé tí ẹ̀rọ kò fi dé? Nínú ìròyìn tirẹ̀, alábòójútó tó ń lọ kọ ọ́ pé, "Olùpèsè yìí kì í pa àdéhùn mọ́, ẹ gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀." Ó dùn-ún gbọ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń ka fáìlì náà ní ewé kọ̀ọ̀kan fún ìwé ẹrù, ewé kọkànlélógún jẹ́ lẹ́tà olùpèsè ti ọjọ́ 18 Oṣù Keje. Ó ń béèrè bí kànga ṣe jìn tó àti ibi tí omi inú rẹ̀ dúró sí, torí kò lè yan ẹ̀rọ tó yẹ láìmọ̀ ọ́n. Ewé kejìlélógún kì í ṣe èsì. Kò sí èsì rárá.

Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá kọ lẹ́tà owó ìtanràn, olùpèsè á fi lẹ́tà 18 Oṣù Keje dáhùn, á sì jàre. Ohun tí arábìnrin náà nílò ní ọjọ́ kìíní iṣẹ́ ni okùn gígùn láti wọn kànga, kí ó fi èsì ránṣẹ́, kí ó gba ọjọ́ tuntun fún ẹ̀rọ ní kíkọ sílẹ̀, kí ó sì mú kí ìwé onídùúró tẹ̀ lé ọjọ́ tuntun náà. Ìwé ọjọ́ kò lè sọ èyí fún un, nítorí ẹni tó kọ ọ́ ni kò dá lẹ́tà náà lóhùn. Ìwé ẹrù, tí kò mọ ohunkóhun, tó kàn ń ka ewé, ló tú u síta. Àléébù ìròyìn nìyí: ó dára tó ẹni tó ń ròyìn. Kíkà kò mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Ibi ọ̀rọ̀ àwọn olùpèsè ni àléébù yìí ti máa ń pọ̀ jù. Ìwé ọjọ́ rọrùn láti sọ di ìwé ìgbẹ̀san tàbí ìwé ojúsàájú: "Olè ni èyí, ẹ má bá a ṣe, ọmọlúàbí ni èyí, ẹ máa ra ti ọwọ́ rẹ̀." Bí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ agbẹjọ́rò, ilé iṣẹ́ ló máa jìyà rẹ̀. Ó sì tún lè jẹ́ pé ọmọlúàbí yẹn ni ẹni tó ń fún ẹni tó ń lọ ní ẹ̀bùn ọdún. Kí a kọ ohun tí ojú rí, ọjọ́ rẹ̀ àti ìwé tó jẹ́rìí sí i: ní ọjọ́ báyìí, àpò mẹ́wàá tí a wọ̀n, tí wọ́n kọ 50 kílò sí lára, 48 ni àròpín wọn, a sọ fún un, ó dín in kúrò nínú owó. Ẹni tó bá kà á á fúnra rẹ̀ dájọ́. Bí olùpèsè bá wà ní Nàìjíríà, kí a kọ irú owó tí wọ́n fi ṣe àdéhùn, torí fàráǹkì sẹ́fà so mọ́ yúrò ní 655.957, nígbà tí náírà ti ń fò sókè sódò láti Oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú u sílẹ̀. Iye tí wọ́n bá ẹni àtijọ́ sọ ní náírà lè má jẹ́ iye kan náà mọ́ nígbà tí ẹrù bá dé Ìgolò.

Lórí ilé adìyẹ, n kò ní pẹ́. "A ti gbà á" nínú ìwé ẹrù túmọ̀ sí ìgbà àkọ́kọ́ lásán, ní ọjọ́ 12 Oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá. Wọ́n dá 5 nínú ọgọ́rùn-ún dúró, 450,000 fàráǹkì, títí ọdún kan á fi pé tí wọ́n á gbà á pátápátá. Òrùlé ń jò. Òjò kékeré apá ìparí ọdún máa ń rọ̀ ní Oṣù Kẹsán-án àti Ìkẹwàá. Ìgbà yẹn ni kí arábìnrin náà pe kọ́lékọ́lé wá wo ibi tó ń jò, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n jọ fọwọ́ sí i. Bó bá dúró di ìgbà tí ọyẹ́ bá dé, kò sí ohun tó máa jò tí wọ́n á fi hàn án.

Ohun kan wà tí ìwé méjèèjì lè má rí: ọ̀rọ̀ ẹnu. Alábòójútó tó ń lọ ti sọ fún ẹnì kan lórí fóònù pé kó máa kó 40 àpò eèrí ọkà wá, wọn ó sì yanjú ìwé rẹ̀ tó bá yá. Kò sí ewé nínú fáìlì, nítorí náà ìwé ẹrù kò rí i. Ojú ń ti ẹni tó sọ ọ́, nítorí náà ìwé ọjọ́ kò kọ ọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ láti mú un jáde ni kí ẹni tó ń bọ̀ béèrè lójúkojú, níwájú ẹlẹ́rìí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ta lẹ ti fi ẹnu ṣèlérí fún tí kò sí nínú ìwé?"

"Kò sẹ́ni kankan… Àfi eléèrí ọkà yẹn."

"Àpò mélòó, ẹ̀gbọ́n? Èló lẹ pè é?"

Kí wọ́n kọ èsì náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí olùdarí sì pinnu bóyá wọ́n á sọ ọ́ di ìwé ìrajà tàbí wọ́n á pe oníṣòwò náà kó má kó ẹrù wá.

Èwo wá ni kí a mú? Bó bá jẹ́ ọ̀sán kan ṣoṣo ló kù kí ẹnì kan lọ, ìwé ọjọ́ ni mo máa ní kó kọ, ojú ewé kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́ jù wà lókè: ìwé onídùúró 30 Oṣù Kẹsán-án, lẹ́yìn náà òrùlé, lẹ́yìn náà àgbàdo. Bí ìwé ẹrù bá sọnù, ènìyàn lè tún fáìlì kà. Kò sẹ́ni tó lè dá ọjọ́ tó ti kọjá padà. Ṣùgbọ́n níbi tí àyè bá wà, n kò ní gbà pé kí wọ́n fi ìwé ọjọ́ sílẹ̀ lóun nìkan. Kí wọ́n ka ewé fáìlì mẹ́ta tó gbé owó jù, kí wọ́n fi nọ́ńbà sí ewé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi ohun tí fáìlì wí wé ohun tí ìwé sítọ̀ wí àti ohun tí ìwé akáǹtì wí. Bí fáìlì bá ní 34 tọ́ọ̀nù, tí sítọ̀ ní 33, ọ̀rọ̀ kan ṣì wà lábẹ́ aṣọ.

Ẹni tó ń bọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ kánjú fọwọ́ sí i. "Mo ti rí i" yàtọ̀ sí "mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí." Àṣà Faransé fún un láyè láti kọ ohun tí kò tíì dá a lójú sábẹ́ ìwé ẹ̀rí kí ó tó fọwọ́ sí i, kí ó sì lo àyè náà: tọ́ọ̀nù kan àgbàdo kò tíì yé mi, lẹ́tà 18 Oṣù Keje kò ní èsì.

Ẹ̀yin olùdarí ilé iṣẹ́ ní Ouando àti níbi gbogbo, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ jọ ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ ní kí àwọn méjèèjì jọ dé sítọ̀, kí wọ́n jọ dé ọ̀dọ̀ alágbàdo, kí wọ́n sì jọ dé ẹ̀ka báńkì tó fún yín ní ìwé onídùúró. Owó iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan yẹn kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́wàá àsansílẹ̀ tó wà níta.